Ohun tí ìbéèrè bá sọ ni òótọ́: bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ àti ìparí èrò

Ẹ kọ́kọ́ wo ìbéèrè yìí. Ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ méjì ni wọ́n fún wa. Èkíní ní: Gbogbo dókítà ló kàwé. Èkejì ní: Àwọn kan nínú àwọn tó kàwé jẹ́ olówó. Wọ́n wá ní ká yẹ ìparí èrò kan wò: Àwọn dókítà kan jẹ́ olówó. Ṣé ó jẹyọ láti inú ọ̀rọ̀ méjèèjì, àbí kò jẹyọ?

Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ti gbé e fún ló dáhùn wéré pé ó jẹyọ. Kò jẹyọ. Ọ̀rọ̀ kejì sọ pé àwọn olówó kan wà láàárín àwọn tó kàwé, ṣùgbọ́n kò sọ àwọn tí wọ́n jẹ́. Wọ́n lè jẹ́ agbẹjọ́rò látòkè délẹ̀. Wọ́n lè jẹ́ oníṣòwò tó kàwé. Kò sí ibì kankan nínú gbólóhùn méjèèjì tí wọ́n ti mú dókítà ẹyọ kan ṣoṣo sínú àwọn olówó náà. Ẹni tó ní ó jẹyọ mọ dókítà olówó kan ládùúgbò rẹ̀, dókítà yẹn ló sì yọ́ wọnú ìwé ìbéèrè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é.

Irú ìbéèrè yìí wà nínú ìdánwò tí àwọn ilé iṣẹ́ ń ṣe fún àwọn tó ń wá iṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó sì jẹ́ gbajúmọ̀ nínú ìdánwò ìgbàsíṣẹ́ báǹkì ní Íńdíà. Wọ́n máa ń kọ ìlànà kan sókè rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà tán: kí o gba àwọn ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ bí òótọ́, kódà bí wọ́n bá lòdì sí ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ìlànà yẹn kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá gbọ́ àlọ́ rí. Bí apàlọ́ bá ní Ìjàpá lọ tọrọ ìyẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹyẹ kó lè bá wọn lọ jẹun lọ́run, ọmọ tó bá nawọ́ sókè pé ìjàpá kì í fò ti ba àlọ́ jẹ́. Ohun tí a lè béèrè ni pé: bó bá jẹ́ pé ìyẹ́ àyálò ló fi fò lọ, báwo ni yóò ṣe sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí àwọn ẹyẹ bá gba ìyẹ́ wọn? Ẹni tó bi ìbéèrè yẹn gba ohun tí àlọ́ sọ, ó sì ronú láti ibẹ̀ lọ. Iṣẹ́ tí ìdánwò yìí ń wá náà nìyẹn.

Àmọ́ ó ṣòro ju bí ó ti dún lọ. Ní 1983, Jonathan Evans, Julie Barston àti Paul Pollard gbé irú ìbéèrè báyìí fún àwọn èèyàn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìparí èrò kò jẹyọ ṣùgbọ́n tó dún bí òótọ́ létí, àwọn èèyàn gbà á ní ìgbà 71 nínú 100. Nígbà tí kò jẹyọ tí kò sì dún bí òótọ́, ìgbà 10 péré nínú 100 ni wọ́n gbà á. Àṣìṣe kan náà ni méjèèjì. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bá ohun tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ mu. Ó ń ṣẹlẹ̀ lódì kejì pẹ̀lú: ìparí èrò tó jẹyọ dájúdájú ṣùgbọ́n tó dún bí irọ́, ìgbà 56 nínú 100 ni wọ́n gbà á, nígbà tí èyí tó jẹyọ tó sì dún bí òótọ́ gba 89. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a ó ṣe ni ká pa ìmọ̀ wa lẹ́nu mọ́.

Bọ́ aṣọ lára ọ̀rọ̀

Mú orúkọ kúrò, fi lẹ́tà sípò wọn. Dókítà di A, ẹni tó kàwé di B, olówó di D. Ìbéèrè wa wá di: Gbogbo A jẹ́ B. Àwọn B kan jẹ́ D. Ṣé àwọn A kan jẹ́ D? Bó ti di lẹ́tà báyìí, kò sí ẹni tó mọ A olówó kankan ládùúgbò rẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí mo kọ́ ló rí àṣìṣe wọn níbí yìí láìtíì ya àwòrán kankan.

Ṣọ́ra kí o má fi lẹ́tà kan dúró fún ohun méjì. Bí ọ̀rọ̀ kìíní bá pè é ní «ẹni tó kàwé», tí èkejì pè é ní «ọ̀mọ̀wé», kì í ṣe ohun kan náà àyàfi tí ìbéèrè bá sọ bẹ́ẹ̀.

Mọ ohun tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan sọ, àti ohun tí kò sọ

Mẹ́rin péré ni gbólóhùn tó sábà ń wá, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ máàkì ń ṣòfò sí, torí náà ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

«Gbogbo A jẹ́ B» ń sọ pé kò sí A kankan tó wà níta B. Kò sọ pé gbogbo B jẹ́ A. Gbogbo ọmọ Ìbàdàn lè jẹ́ ọmọ Nàìjíríà kí ọmọ Nàìjíríà tí kì í ṣe ti Ìbàdàn sì kún ìlú. Ohun tí a lè yí sódì láti inú rẹ̀ ni pé àwọn B kan jẹ́ A.

«Kò sí A kankan tó jẹ́ B» ni gbólóhùn tó rọrùn jù. Ó ya méjèèjì sọ́tọ̀ pátápátá, o sì lè yí i sódì láìbẹ̀rù: kò sí B kankan tó jẹ́ A.

«Àwọn A kan jẹ́ B» ló ń dẹ pàkúté fún wa. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, bí mo bá ní «àwọn ọmọ kan ti jẹun», ẹ ó gbọ́ ọ bí pé àwọn kan kò tíì jẹun. Nínú ìdánwò, kò rí bẹ́ẹ̀. «Àwọn kan» túmọ̀ sí ó kéré tán ẹyọ kan, ó sì lè jẹ́ gbogbo wọn. Nítorí náà, láti inú «Àwọn A kan jẹ́ B», o kò gbọ́dọ̀ fa «Àwọn A kan kì í ṣe B» yọ. O lè yí i sódì: Àwọn B kan jẹ́ A.

«Àwọn A kan kì í ṣe B» kò ṣe é yí sódì rárá. Àwọn ẹranko kan kì í ṣe ewúrẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ewúrẹ́ tí kì í ṣe ẹranko.

Ọ̀rọ̀ méjì míì máa ń wọlé pẹ̀lú aṣọ àjèjì. Èkíní ni «nìkan». Bí ìbéèrè bá ní «Ọlọ́pàá nìkan ló ń dé fìlà dúdú», àwọn èèyàn máa ń kà á bí pé gbogbo ọlọ́pàá ló ń dé e. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ẹni tí o bá rí fìlà dúdú lórí rẹ̀, ọlọ́pàá ni. Ọlọ́pàá tí kò dé fìlà rárá kò ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́. Kọ ọ́ báyìí: Gbogbo adéfìlà dúdú jẹ́ ọlọ́pàá.

Èkejì ni ibi tí a gbé «kò» sí. Bí a bá ní «Gbogbo A kọ́ ló jẹ́ B», ohun tí a sọ ni pé àwọn A kan wà tí kì í ṣe B. Ṣùgbọ́n «Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ kò wá» lè dún létí ẹlòmíì bí pé ẹnikẹ́ni kò wá, létí ẹlòmíì bí pé wọn kò wá tán. Òyìnbó tí wọ́n fi ń kọ ìdánwò náà ní ìṣòro yìí. Kí o tó ya ohunkóhun, tún gbólóhùn náà kọ sí ọ̀kan nínú mẹ́rin tí mo kà sókè yìí. Bí o kò bá lè tún un kọ, o kò tíì lóye rẹ̀.

Ya òbìrí, kí o sì gbìyànjú láti tú u ká

Òbìrí ni àmì róbótó bí òdo. Leonhard Euler fi òbìrí ṣàlàyé irú ọ̀rọ̀ báyìí nínú lẹ́tà tó kọ sí ọmọ ọba obìnrin kan ní Jámánì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà náà jáde ní 1768. Ọ̀nà náà ṣì ń ṣiṣẹ́ títí dòní. Bí gbogbo A bá jẹ́ B, òbìrí A á wà nínú òbìrí B. Bí kò bá sí A tó jẹ́ B, òbìrí méjèèjì á jìnnà síra. Bí àwọn A kan bá jẹ́ B, òbìrí méjèèjì á gun ara wọn lápá kan, o ó sì fi àmì kékeré kan sí ibi tí wọ́n ti pàdé láti fi hàn pé ẹnì kan wà níbẹ̀.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ń dúró, ibẹ̀ sì ni mo ti ń bá wọn jiyàn. Àwòrán kan kò tó. Bí o bá ya òbìrí dókítà, ẹni tó kàwé àti olówó ní ẹ̀ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ á fúnra rẹ̀ gbé òbìrí olówó gun òbìrí dókítà, nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe wà lọ́kàn rẹ. O ó wo àwòrán náà, o ó ní «mo ti rí i, ó jẹyọ». Àwòrán tìrẹ lo tẹ̀ lé, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀.

Ohun tó yẹ ni kí o ya àwòrán bí ọ̀tá ìparí èrò náà. Bi ara rẹ pé: ṣé mo lè gbé àwọn òbìrí yìí sípò tí gbogbo ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ á fi dúró, síbẹ̀ tí ìparí èrò yìí á ṣubú? Bí o bá lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré, kò jẹyọ. Bí gbogbo ọ̀nà tí o gbà bá ba ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ kan jẹ́, ó jẹyọ. Fún ti dókítà, fi òbìrí A sí igun òsì nínú B, kí o gbé D gun B ní igun ọ̀tún, kí ó má kan A rárá. Gbogbo A ṣì jẹ́ B. Àwọn B kan ṣì jẹ́ D. A àti D kò sì pàdé. Ìparí èrò ti ṣubú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀kan délẹ̀

Mo fi ohun tí kò bá ayé mu sínú èyí, kí a lè rí i bí ìmọ̀ wa ṣe ń dààmú wa. Àwọn ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ nìwọ̀nyí:

Gbogbo ẹja jẹ́ igi.
Kò sí igi kankan tó jẹ́ òkúta.
Àwọn òkúta kan jẹ́ iṣu.

Ìparí èrò márùn-ún ni a ó yẹ̀ wò:

I. Kò sí ẹja kankan tó jẹ́ òkúta.
II. Àwọn iṣu kan kì í ṣe igi.
III. Àwọn òkúta kan kì í ṣe iṣu.
IV. Àwọn ẹja kan jẹ́ iṣu.
V. Kò sí ẹja kankan tó jẹ́ iṣu.

Kọ́kọ́ ya ohun tí kò ní ọ̀nà méjì. Òbìrí ẹja wà nínú òbìrí igi. Òbìrí òkúta jìnnà sí òbìrí igi. Ibi tí a ní ìyọ̀ǹda ni òbìrí iṣu: ó gbọ́dọ̀ kan òkúta, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ ibi tí ìyókù rẹ̀ wà. Ohun tí ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ kò dè mọ́lẹ̀ ni kí o máa gbé kiri.

Ti kìíní: láti mú kí ẹja kan jẹ́ òkúta, ẹja yẹn, tó ti jẹ́ igi, á sọ igi kan di òkúta. Ọ̀rọ̀ kejì kò gbà. Ó jẹyọ.

Ti kejì: àwọn iṣu kan wà tó jẹ́ òkúta (a yí ọ̀rọ̀ kẹta sódì). Òkúta kì í ṣe igi. Àwọn iṣu yẹn kò lè jẹ́ igi. Bó ti wù kí o gbé ìyókù òbìrí iṣu, àmì tó wà nínú òkúta kò lè kúrò níbẹ̀. Ó jẹyọ.

Ti kẹta ni mo fi dẹ pàkúté. Gbogbo wa mọ̀ pé òkúta tí kì í ṣe iṣu kún inú ayé. Ṣùgbọ́n «àwọn òkúta kan jẹ́ iṣu» lè jẹ́ gbogbo wọn. Fẹ òbìrí iṣu títí yóò fi gbé òbìrí òkúta mì pátápátá. Ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, kò sì sí òkúta kankan tí kì í ṣe iṣu. Kò jẹyọ.

Ti kẹrin: fi òbìrí iṣu sílẹ̀ lápá òkúta nìkan, kí ó má dé ọ̀dọ̀ igi. Kò sí ẹja tó jẹ́ iṣu. Kò jẹyọ.

Ti karùn-ún tún jẹ́ òótọ́ lójú ayé, ìyẹn ló sì ń mú kí ọwọ́ yá láti fàmì sí i. Na òbìrí iṣu láti òkúta títí yóò fi wọnú igi, tí yóò sì kan ẹja. Kò sí ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ tó kọ̀ ọ́. Ẹja kan ti di iṣu. Kò jẹyọ.

Nígbà tí méjì bá ṣubú ṣùgbọ́n tí ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró

Ẹ tún wo IV àti V. Kò sí èyí tó jẹyọ fúnra rẹ̀. Àmọ́ bóyá ẹja kan wà tó jẹ́ iṣu, bóyá kò sí rárá. Kò sí ọ̀nà kẹta. Bí ọ̀kan bá jẹ́ irọ́, èkejì gbọ́dọ̀ jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìdánwò ti Íńdíà fi máa ń fi ìdáhùn kan sí i pé «bóyá IV tàbí V ló jẹyọ». Ẹni tó ní «kò sí èyí tó jẹyọ» ti ṣiṣẹ́ délé, ó wá ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ síta.

Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ pé kí o tó mú ìdáhùn yìí. Ohun méjì kan náà ni ìparí èrò méjèèjì gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹja àti iṣu níbí. Kí ọ̀kankan nínú wọn má jẹyọ fúnra rẹ̀. Kí méjèèjì sì jẹ́ àtakò tí kò fi àyè sílẹ̀: «àwọn kan jẹ́» pẹ̀lú «kò sí kankan tó jẹ́», tàbí «gbogbo jẹ́» pẹ̀lú «àwọn kan kì í ṣe». «Gbogbo A jẹ́ B» àti «Kò sí A kankan tó jẹ́ B» kò wọ inú rẹ̀, nítorí méjèèjì lè jẹ́ irọ́ pọ̀: ìdajì lè jẹ́, kí ìdajì má jẹ́.

Ibi tí ìlànà yìí ti ní ààlà

Mo ní láti inú «Gbogbo A jẹ́ B» a lè fa «Àwọn B kan jẹ́ A» yọ. Àwọn onímọ̀ ìrònú òde òní kì í gbà á bẹ́ẹ̀. Lójú tiwọn, «gbogbo A jẹ́ B» lè jẹ́ òótọ́ nígbà tí A kankan kò tilẹ̀ sí láyé. Àwọn tó ń kọ ìdánwò ìgbàsíṣẹ́ gbà pé ohun tí wọ́n bá dárúkọ wà, torí náà tiwọn ni kí o tẹ̀ lé nínú yàrá ìdánwò.

Ààlà kejì ṣe pàtàkì jù. Bí wọ́n bá ní ká má lo ìmọ̀ wa, wọn kò ní ká má lo èdè tàbí ìṣirò. Ó hàn kedere nínú irú ìbéèrè kejì, tí wọ́n ti ń fún ni ní àyọkà kúkúrú, tí a ó sì mú «òótọ́», «irọ́» tàbí «a kò lè sọ». Ká ní àyọkà ní: Ilé ìtajà kan ní Ìbàdàn ta 400 àpò ìrẹsì ní oṣù Kọkànlá, ó sì ta 650 ní oṣù Kejìlá. Ó gba òṣìṣẹ́ mẹ́ta sí i ní oṣù Kejìlá. Bí wọ́n bá ní ohun tó tà ní oṣù Kejìlá kò tó ìlọ́po méjì ti Kọkànlá, òótọ́ ni, nítorí ìlọ́po méjì 400 jẹ́ 800. Ìṣirò ni, kì í ṣe ìmọ̀ ayé. Bí wọ́n bá ní ilé ìtajà náà kò gba òṣìṣẹ́ kankan ní oṣù Kejìlá, irọ́ ni, àyọkà ta kò ó. Bí wọ́n bá wá ní ọdún Kérésìmesì ló jẹ́ kí ìrẹsì tà tó bẹ́ẹ̀, a kò lè sọ. Mo mọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀, pé kò sí ohun tó tún lè fà á nílùú wa. Ṣùgbọ́n àyọkà kò dárúkọ Kérésìmesì, ó sì ṣeé ṣe kí ilé ìtajà míì tó wà nítòsí ti kógbá sílé.

Àmì kan wà tí mo fi ń mọ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti yà kúrò lójú ọ̀nà. Mo máa ń ní kó fi ìka lé gbólóhùn tó fi dáhùn. Bí ìka rẹ̀ bá ń rìn kiri lórí ìwé tí kò dúró síbì kan, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé «ṣùgbọ́n ṣebí...», ìmọ̀ ayé ló fi dáhùn.

Ẹ gbìyànjú èyí fúnra yín kí ẹ tó ka ìdáhùn. Olùkọ́ nìkan ló ń mu kọfí. Àwọn awakọ̀ kan ń mu kọfí. Ìparí èrò: I. Àwọn awakọ̀ kan jẹ́ olùkọ́. II. Gbogbo olùkọ́ ló ń mu kọfí. III. Àwọn olùkọ́ kan kì í mu kọfí.

Èkíní jẹyọ: awakọ̀ tó ń mu kọfí gbọ́dọ̀ jẹ́ olùkọ́, bó ti wù kó ṣàjèjì tó. Ìkejì kò jẹyọ, nítorí «nìkan» kò sọ nǹkan kan nípa olùkọ́ tí kì í mu ún. Ìkẹta náà kò jẹyọ, nítorí ó ṣeé ṣe kí gbogbo wọn máa mu ún. Àmọ́ bóyá II tàbí III, ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró.